Ẹ Yí Ike Náà Padà: Bí A Ṣe Ń Yan Òrí, Òróró àti Ìpara fún Irun Tó Ká

Ní ọjà èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣaralóge ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ike ìpara irun máa ń tò lọ bẹẹrẹ lórí pẹpẹ. Àwòrán èso òrí wà níwájú ọ̀kan, àgbọn tí wọ́n là sí méjì wà níwájú èkejì, ẹ̀kẹta sì gbé ìgò òróró lárà sí iwájú. Oníbàárà yóò mú ike kan, yóò ṣí i, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò béèrè iye rẹ̀, yóò sì sanwó. Àwọn tó máa ń yí ike náà padà kí wọ́n tó sanwó kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn yẹn, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ni òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ sọ ohun tó kó sínú ike náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí irun rẹ̀ ká mọ́ra bíi sípíríǹgì inú bírò ju ẹlòmíràn lọ. Awọ orí gbogbo ènìyàn ló ń mú òróró tirẹ̀ jáde. Lára irun tó nà tààrà, òróró yìí á máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ títí á fi dé ṣóńṣó irun. Lára irun tó ká, ó ní láti máa yí po ní gbogbo ibi tí irun ti ṣẹ́ kọ́ńdọ̀rọ̀, kì í sì í sábà dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdí irun fi lè máa dán kí ṣóńṣó rẹ̀ sì gbẹ bíi koríko ìgbà ọyẹ́. Gbogbo ibi tí irun ti ṣẹ́ yẹn náà ló ti rọrùn fún un láti kán bí a bá ń yà á.

Nǹkan méjì ni irú irun bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì. Ó ń fẹ́ omi tó máa wọ inú rẹ̀ tí yóò mú un rọ̀. Ó tún ń fẹ́ ọ̀rá tó máa bo omi náà mọ́lẹ̀ kó má bàa tètè fẹ́ lọ. Òrí kò lè ṣe iṣẹ́ omi. Ẹni tó bá ń fi òrí kun irun gbígbẹ láràárọ̀, tó sì ń ṣe kàyéfì pé irun òun ṣì ń kán, ńṣe ló ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Omi ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà la ó ti ilẹ̀kùn.

Ìlà tí ó yẹ ká wá

Òfin ohun ìṣaralóge tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2009, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 2013, sọ pé kí wọ́n to èròjà láti orí èyí tó pọ̀ jù lọ wá sí orí èyí tó kéré jù lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní irú ìlànà yìí pẹ̀lú. Nítorí náà, orúkọ tó wà ní ipò kìíní ló pọ̀ jù nínú ike, èyí tó wà ní ipò kejì ló tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pe nǹkan ní ìpara tó ń fún irun lómi, Aqua tàbí Water ló yẹ kó wà níwájú gbogbo wọn. Bí omi kò bá sí níbẹ̀ rárá, ọ̀rá lásán ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó bo omi tó ti wà lórí irun tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin náà fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀. Bí èròjà kan kò bá ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ilé-iṣẹ́ lè to orúkọ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìyẹn ni pé ìlà kan wà nínú àkọsílẹ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò fà: ohun tó wà lókè rẹ̀ ló gbé ike náà dúró, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀n iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìlà yẹn wà ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀.

Bí a ṣe ń rí i rọrùn. Ọ̀kan lára àwọn èròjà tí wọ́n ń lò jù láti má ṣe jẹ́ kí ìpara bàjẹ́ ni Phenoxyethanol. Yúróòpù kò gbà kó ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun ìṣaralóge kankan, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà káàkiri ayé ló sì ń tẹ̀lé òdiwọ̀n yìí. Níbikíbi tí orúkọ yìí bá wà, ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè ju ìdá kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ike kan yẹ̀ wò. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan, àpẹẹrẹ la fi ṣe, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kún ọjà. Ó wọn 500 gíráàmù. Àwòrán òrí, àgbọn àti lárà wà níwájú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rèé:

Aqua, Paraffinum Liquidum, Cetearyl Alcohol, Petrolatum, Glycerin, Behentrimonium Chloride, Phenoxyethanol, Butyrospermum Parkii Butter, Cocos Nucifera Oil, Ricinus Communis Seed Oil, Parfum, CI 19140.

Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn tí a mọ̀ ní ilé nìyẹn. Butyrospermum Parkii Butter ni òrí. Cocos Nucifera Oil ni òróró àgbọn. Ricinus Communis Seed Oil ni òróró lárà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n yàwòrán wọn síwájú ló wà lẹ́yìn Phenoxyethanol. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún 500 gíráàmù jẹ́ gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá tiẹ̀ lawọ́ dé òpin, òrí tó wà nínú gbogbo ike náà kò ju ṣíbí tíì kan lọ, àgbọn kò ju ṣíbí kan, lárà kò ju ṣíbí kan. Àpapọ̀ wọn kò lè ju gíráàmù 15 lọ nínú 500. Ó sì lè kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. CI 19140 tó kẹ́yìn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Òun ló ń jẹ́ kí ìpara náà jọ ohun tí òrí pọ̀ nínú rẹ̀.

Kí ló wá kún ike náà? Omi ni, lẹ́yìn náà Paraffinum Liquidum, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ní Mineral Oil, pẹ̀lú Petrolatum tí gbogbo wa mọ̀ sí fasilín. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ méjèèjì, tí wọ́n á sì fọ̀ ọ́ mọ́ kó tó di ohun ìpara. Kí a má ṣe parọ́ mọ́ wọn: wọn kì í ṣe májèlé, wọ́n sì mọ bí a ti ń bo omi mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tó dùn wá ni pé ẹni tó fi owó òrí ra ike yìí, fasilín ló gbé lọ sílé.

Ẹ fi ike kejì wé e: Aqua, Butyrospermum Parkii Butter, Cetearyl Alcohol, Behentrimonium Methosulfate, Cocos Nucifera Oil, Glycerin, Phenoxyethanol, Parfum. Níbí, òrí wà ní ipò kejì, àgbọn wà lókè ìlà. Ìpara òrí ni lóòótọ́. Ó ṣeé ṣe kí iye owó ike méjèèjì má jìnnà síra wọn, kí àwòrán iwájú wọn sì jọra bí ìbejì.

Orúkọ tó ń dẹ́rù bani àti èyí tó yẹ kó bani lẹ́rù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ pé ọtí líle ń gbẹ irun, nítorí náà bí wọ́n bá ti rí Alcohol nínú àkọsílẹ̀, wọ́n á gbé ike náà padà sórí pẹpẹ. Àṣìṣe ni, bí ó bá jẹ́ Cetyl Alcohol, Cetearyl Alcohol tàbí Stearyl Alcohol ni wọ́n rí. Orúkọ ló jọra. Ọ̀rá funfun líle ni wọ́n, tó máa ń rọ̀ mọ́ irun tó sì ń jẹ́ kí ìyarun kọjá láìfa nǹkan ya. Èyí tó ń fẹ́ lọ tó sì ń gbé omi irun lọ ni Alcohol Denat. àti Isopropyl Alcohol. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì yìí bá wà láàárín orúkọ márùn-ún àkọ́kọ́, irun gbígbẹ kò nílò rẹ̀.

Èkejì tó yẹ ká mọ̀ ni àwọn èròjà tó ń tú fọ́málídíháìdì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí kòkòrò má bàa hù nínú ìpara. DMDM Hydantoin, Quaternium-15 àti Imidazolidinyl Urea ni orúkọ wọn tó wọ́pọ̀. Fọ́málídíháìdì fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí a mọ̀ pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìwọ̀n tó ń jáde nínú ìpara kéré, ṣùgbọ́n awọ ara àwọn ènìyàn kan kì í gbà á, orí wọn á máa yún, á sì máa sú. Níwọ̀n ìgbà tí ìpara tí kò ní wọn ti pọ̀ lọ́jà, kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ rà wọ́n.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé ìpara tí kò ní ohun tó ń dènà bíbàjẹ́ ló dára jù. Níbi tí omi bá wà ni kòkòrò ń gbé. Lónìí ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń po ìpara irun nílé tí wọ́n sì ń tà á: wọ́n á po òrí, wọ́n á da omi etí erin tàbí omi ìrẹsì sí i, wọ́n á sì kọ ọ́ sí ara ike pé kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀. Bí òrí àti òróró nìkan bá ni, kò burú, nítorí pé kòkòrò kì í rí omi mu nínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bí omi tàbí etí erin bá wà nínú rẹ̀, tí kò sì sí Phenoxyethanol, Sodium Benzoate, Potassium Sorbate tàbí irú wọn, ó lè bu láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú ooru wa. Nígbà mìíràn kòkòrò á ti wà níbẹ̀ kí ojú tó rí i. Fáítámì Í, tí wọ́n ń kọ ní Tocopherol, kò lè gbà á sílẹ̀. Òróró ni Fáítámì Í ń dáàbò bò kó má bàa tètè yí òórùn padà. Kò lágbára lórí kòkòrò.

Ibi tí kíka ẹ̀yìn ike mọ nìyí, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Silent Spring ní Amẹ́ríkà gbé ohun ìtọ́jú irun 18 tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ń lò yẹ̀ wò. Wọ́n wá èròjà 66 tó lè da omi ìṣàn inú ara rú tàbí kó fa ikọ́ ẹ̀fúùfù, wọ́n sì rí 45 nínú wọn. Ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n rí ni kò sí lára àkọsílẹ̀ ike. Ọ̀nà kan tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Parfum tàbí Fragrance: orúkọ kan ṣoṣo tó lè bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà olóòórùn mọ́lẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ bá máa ń yún, aboyún, àti ìyá tó ń wá ohun tó máa fi sí orí ọmọ kékeré, ike tí ọ̀rọ̀ yìí kò sí lára rẹ̀ ni kí wọ́n wá.

Òrí inú igbá kò ní ẹ̀yìn ike

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ra òrí nínú ike. Lọ́wọ́ ìyá tó gbé igbá sílẹ̀ lọ́jà la ti ń rà á, igbá kò sì ní àkọsílẹ̀. Ojú, imú, ọwọ́ àti ìkòkò ni a ó fi kà á.

Igi emi, tó ń so òrí, kò ṣòro rí ní Òkè Ògùn, láti Ṣakí títí dé Kíṣí, ní Káyámà àti Bàrùtén ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní ìpínlẹ̀ Niger, àti ní àríwá Benin. Parkii tó wà nínú orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ike wá láti ara Mungo Park, ará Scotland tó rin ìrìn-àjò nínú ilẹ̀ yìí, tó sì kú sínú odò Ọya ní Bùsà ní 1806, ní àdúgbò tí igi emi pọ̀ sí. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ ni èso máa ń já bọ́. Àwọn obìnrin á ṣà á, wọ́n á sè é, wọ́n á sá a, wọ́n á pa á, wọ́n á yan ẹyin rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi omi pò ó lọ́wọ́ títí ìfófòó funfun yóò fi léfòó. Ìfófòó yẹn ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń sè títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí òróró á wá mọ́, tí yóò sì dì.

Gbogbo àléébù òrí ló ní ibi tó ti wá nínú iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá kó èso tútù jọ gègèrè tó sì ti ń hu kí wọ́n tó sè é, òrí rẹ̀ á ní òórùn kíkan kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Bí iná ìyan bá pọ̀ jù, òrí á dúdú á sì rùn bí èéfín. Bí wọn kò bá sè é kó gbẹ, omi á wà nínú rẹ̀, yóò sì bu.

Òrí tó dára máa ń ní àwọ̀ wàrà tàbí ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Ó máa ń ní òórùn tirẹ̀, bí ẹ̀pà tí wọ́n yan tó sì gba èéfín díẹ̀. Èyí tí kò ní òórùn rárá ti gba ilé ẹ̀rọ kọjá. Èyí tó bá ń rùn bí òróró tí wọ́n ti din àkàrà lẹ́ẹ̀mẹrin ti pẹ́ nílẹ̀ jù. Òrí tó pọ́n bí pupa ẹyin kì í ṣe ojúlówó ju ti funfun lọ, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Gbòǹgbò igi kan wà tí wọ́n fi ń pa á láró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, igi mìíràn sì wà tí ọ̀rá rẹ̀ jọ òrí, èyí tí wọ́n ń kọ ní Pentadesma Butyracea lẹ́yìn ike.

Kí oníbàárà tó ra púpọ̀, kó ní: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ igbá.” Ìyá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí i. Kó fi ìka méjì pa á: ooru ara á yọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí pé òrí máa ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru tí kò jìnnà sí ti ara ènìyàn. Bí hóró kéékèèké bá wà nínú rẹ̀ tó sì yọ́ pátápátá lábẹ́ ìka, òrí tó yọ́ nínú oòrùn tó tún rọra dì ni, kò ní àbùkù. Bí hóró náà bá kọ̀ tí kò yọ́, iyanrìn tàbí ìyẹ̀fun ni.

Nílé, kó gbé ṣíbí ìmúbẹ̀ kan sínú ìkòkò kékeré lórí iná jẹ́jẹ́. Òrí tó mọ́ á di òróró tó ṣeé rí ìsàlẹ̀ ìkòkò nínú rẹ̀. Bó bá ń ta pàràpàrà, omi wà nínú rẹ̀. Bí nǹkan bá rọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, kó da òróró orí rẹ̀ kúrò, kó fi omi díẹ̀ sí èyí tó kù, kó jẹ́ kó tutù, kó sì kán áyódìn tí wọ́n ń fi sójú ọgbẹ́ kan sí i. Bó bá di búlúù tó ṣókùnkùn, iṣu tàbí ìyẹ̀fun ni wọ́n fi kún un. Àyẹ̀wò yìí kò lè fi ọ̀rá ẹran hàn, nítorí pé òun náà ń yọ́ mọ́. Imú ló ń mú ìyẹn, nígbà tó bá gbóná.

Àgbọn, àdín àti lárà

Òróró àgbọn ní iṣẹ́ kan tí òrí kò lè ṣe. Ní 2003, Rele àti Mohile, onímọ̀ méjì láti India, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé òróró àgbọn dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù, yálà wọ́n lò ó kí wọ́n tó fọ irun tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Òróró epo rọ̀bì àti ti sọ́nífíláwà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní lọ́ríìkì ló pọ̀ nínú àgbọn, ó kéré ó sì nà tààrà, nítorí náà ó ń ráyè wọ inú irun. Fún irun tó dé èjìká, ṣíbí ìmúbẹ̀ kan sí méjì ti tó, kí a fi pa á ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó fọ̀ ọ́.

Òróró àgbọn tó mọ́ máa ń dì bí ooru bá ti lọ sílẹ̀ ju bíi ìwọ̀n 24 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dì funfun nígbà ọyẹ́ tó sì máa ń ṣàn bí omi lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ra ìgò kan, kó gbé díẹ̀ sínú fíríìjì fún wákàtí méjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá dì funfun láìṣẹ́kù, ó dára. Bí apá kan bá dì tí ìpele kan sì ń ṣàn lórí rẹ̀, wọ́n ti bu òróró mìíràn mọ́ ọn, bóyá òróró ìdáná.

Fíríìjì kò lè fi gbogbo ẹ̀tàn hàn. Òróró èkùrọ́ tí wọ́n ti fọ̀ funfun máa ń dì bíi ti àgbọn, torí náà bí wọ́n bá pò ó mọ́ ọn, imú nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n olúwa rẹ̀ kò pàdánù púpọ̀: lọ́ríìkì tó wà nínú èkùrọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbọn. Àdín dúdú tí àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ lára jẹ́ ìbátan àgbọn lórí irun, ó sì dín lówó. Lẹ́yìn ike, Elaeis Guineensis Kernel Oil ni orúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí Kernel níbẹ̀, epo pupa ni.

Òróró lárà ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀ jù. Wọ́n ní ó ń hu irun. Ẹ̀rí tó dájú fún ìyẹn kò sí. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó bo irun kó sì mú kó dán, nítorí pé ó ki ju òróró mìíràn lọ. Kíki yẹn náà ni ewu rẹ̀: bí a bá da lárà nìkan sórí irun gígùn tí a sì ń fi ọwọ́ pa á yíká, irun lè so kọ́ kó má ṣeé tú mọ́. Ìdá kan lárà sí ìdá mẹ́ta àgbọn ti tó. Èyí tó dúdú, tí wọ́n ń pè ní ti Jàmáíkà, jẹ́ èso tí wọ́n kọ́kọ́ yan. Kò tíì sí ẹ̀rí pé ó sàn ju èyí tí kò dúdú lọ.

Láti mọ lárà ojúlówó, kí a bu ṣíbí tíì kan rẹ̀ sínú ìgò, kí a da ṣíbí mẹ́ta ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù tó lé ní ìdá 90 sí i, kí a mì í. Lárà máa ń yọ́ mọ́ ọtí, gbogbo rẹ̀ á mọ́ gaara. Àwọn òróró wa yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣú, wọ́n á sì ya sọ́tọ̀ nísàlẹ̀. Sípírítì tó jẹ́ ìdá 70 kò dára fún àyẹ̀wò yìí, nítorí omi inú rẹ̀ lè jẹ́ kí ojúlówó pàápàá ṣú. Kí a ṣe é jìnnà sí iná.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ní Nàìjíríà, ike tó bófin mu gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà ìpele, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń ra òrí ní Peckham, òfin ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó máa dáhùn fún ọjà náà níbẹ̀ wà lára ike, bó tilẹ̀ jẹ́ òrí tí wọ́n tún dì. Ike tí kò ní wọn, kò sẹ́ni tí a ó mú bí orí bá wú. Àwòrán ike kékeré tó ṣí, tí wọ́n kọ 12M sí, túmọ̀ sí pé oṣù 12 ni yóò lò lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i.

Ohun tó bá jẹ́ tuntun, kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú ìgúnpá, kí a sì dúró fún ọjọ́ kan sí méjì. Kí a ra òrí àti òróró tí yóò tó oṣù mẹ́ta, kí a tọ́jú wọn sínú ike tó ní ìdérí, níbi tí oòrùn kò dé, kí a má sì ki ọwọ́ tútù bọ̀ wọ́n.

Nígbà tí ẹ bá tún dúró níwájú pẹpẹ, ẹ yí ike náà padà, ẹ wá Phenoxyethanol, kí ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ tí òrí wà. Bí ó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá ike náà padà síbi tí ẹ ti mú un, kí ẹ lọ fi owó yẹn ra òrí lọ́wọ́ ìyá tó gbà kí ẹ bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ igbá.